Méjì, ọ̀kan, ọ̀kan: bí kíkan, dídùn àti líle ṣe ń bára mu nínú kọ́kìtéèlì

Kọ́kìtéèlì tí wọ́n ń pè ní daikírì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: rọ́ọ̀mù funfun, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà. Kò sí wàrà, kò sí sódà, kò sí èso lílọ̀ tí ó lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, ẹnu á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ daikírì ṣe dáadáa ti mọ ọ̀nà mágárítà àti wísikí sáwà, torí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ní: ọtí líle kan, ohun kíkan kan, ohun dídùn kan.

Daiquirí gan-an jẹ́ orúkọ ibì kan létí òkun, nítòsí ìlú Santiago ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń wa irin nígbà kan rí. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù sọ pé oníṣẹ́-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Jennings Cox, ló po ó fún àlejò ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe ohun ìyanu pé ibẹ̀ ló ti jáde. Ìrèké ni ṣúgà ti ń wá, ìrèké náà ni rọ́ọ̀mù ti ń wá, ọsàn wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni Constantino Ribalaigua, bátẹ́ńdà ilé ọtí El Floridita ní Hàfánà, wá sọ ọ́ di ohun tí àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò láti lọ mu.

Ìpín tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni méjì, ọ̀kan, ọ̀kan: ìpín méjì ọtí líle, ìpín kan ohun kíkan, ìpín kan ohun dídùn. Fún ife ẹnì kan, ìyẹn jẹ́ mílílítà 60 rọ́ọ̀mù, mílílítà 30 omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti mílílítà 30 omi ṣúgà. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo pè é o, n kò pè é ní òfin. Ọsàn tí ẹ rà lónìí lè kan ju èyí tí ẹ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ, ohun tó sì dùn tó lẹ́nu yín lè dùn jù lẹ́nu tèmi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà tí kò bá dọ́gba ni pé wọ́n á fi rọ́ọ̀mù díẹ̀ kún un, wọ́n á fún ọsàn sí i, wọ́n á tún bu ṣúgà lé e, títí ife á fi kún tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ọtí sílẹ̀ ní 60, kí ẹ fi omi ọsàn sílẹ̀ ní 30, kí ó jẹ́ omi ṣúgà nìkan lẹ ó máa yí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ọtí ti pinnu agbára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò. Igi ọsàn ló pinnu bí omi rẹ̀ ṣe kan tó, ẹ kò sì lè rí i kà níbi kankan. Omi ṣúgà nìkan lẹ fọwọ́ ara yín ṣe, òun nìkan lẹ mọ bó ṣe rí dé grámù. Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ máa fi tún èyí tí ẹ kò mọ̀ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe omi ṣúgà

Ṣúgà tí kò tíì yọ́ kò wúlò nínú ohun tútù. Yóò sùn sí ìsàlẹ̀ ife, ọtí òkè á kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ á dùn bí oyin. Ẹ wọn grámù 200 ṣúgà funfun, ẹ wọn grámù 200 omi gbígbóná, ẹ pò ó títí yóò fi mọ́ kedere. Kò pọn dandan kí ẹ gbé e ka iná. Bí ẹ bá sè é tó sì hó fún ìgbà pípẹ́, omi á máa fẹ́ lọ, omi ṣúgà á ki, 30 tí ẹ wọ̀n á wá di ohun tó dùn ju 30 lọ.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ lè fi ife kan náà wọn ṣúgà kan àti omi kan. Yóò ṣàn díẹ̀ ju ti òṣùwọ̀n lọ, torí ife ṣúgà fúyẹ́ ju ife omi lọ. Kò burú, bí ẹ bá ti ń ṣe é bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò mímọ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí ó bá dà bí ìkuukùu tàbí tí ó yí òórùn padà, ẹ dà á nù.

Àwọn bátẹ́ńdà kan máa ń fi ṣúgà méjì sí omi kan. Èyí ki, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ìwọ̀n ìyókù inú ìtọ́sọ́nà yìí lò ó, yóò dùn jù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ lò: níbi tí mo bá ti ní 30, ẹ fi 20 sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ìpín kan kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, omi ṣúgà yìí ló yàtọ̀, kì í ṣe ìpín.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá ní ife ìwọ̀n àwọn bátẹ́ńdà, ife ike kékeré tó máa ń bá oògùn ikọ́ ọmọdé wá dára púpọ̀, torí ilà 5, 10 àti 15 wà lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Mẹ́rin tó kún dé 15 jẹ́ rọ́ọ̀mù, méjì jẹ́ omi ọsàn. Ṣíbí tíì kan tó jẹ́ ti ìwọ̀n jẹ́ mílílítà 5. Òun lẹ ó fi máa fi omi ṣúgà kún un díẹ̀díẹ̀. Nínú ife tó kéré tó báyìí, mílílítà 5 kì í ṣe ohun kékeré, ahọ́n á mọ̀ ọ́n.

Omi ọsàn

Ẹ yí ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ gé e, ẹ fún un, ẹ fi asẹ́ yọ kóró. Ẹ má fún un títí èèpo á fi fọ́, nítorí òróró èèpo àti funfun abẹ́ rẹ̀ máa ń mú un korò. Ìkorò sì yàtọ̀ sí kíkan. Ṣúgà kì í wò ó sàn. Èyí tí ẹ fún lónìí ni kí ẹ lò lónìí. Tí ó bá sùn mọ́jú, òórùn tútù rẹ̀ á ti lọ, kíkan nìkan ló máa kù. Omi ọsàn inú ìgò tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ti lẹ́mọ́ọ̀nù ní ásíìdì tó tó nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Ti ọsàn mímu kò tó ìdá 1. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè fi ọsàn mímu tàbí ọ̀pẹ òyìnbó rọ́pò ọsàn wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ adùn wọn, ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì máa jẹ́ ẹni tó ń kan.

Ẹ pò ó, ẹ tọ́ ọ wò kí yìnyín tó wọlé

Ẹ da rọ́ọ̀mù 60 àti omi ọsàn 30 sínú sékà, ìyẹn ife onídèérí tí a fi ń mì í pọ̀. Bí kò bá sí sékà, ìgò oníke tó lẹ́nu gbòòrò tí ìdérí rẹ̀ dì pinpin á ṣe é. Omi ṣúgà wá kàn. Ìpín sọ pé 30, ṣùgbọ́n 20 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà tó ti wọlé kò ṣeé kó jáde mọ́, èyí tó kù níta sì ṣeé fi kún un nígbàkígbà.

Ẹ rò ó pọ̀, ẹ ki sìtíró bọ inú rẹ̀, ẹ fi ìka dí orí rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀kán díẹ̀ jáde sí ẹnu. Ohun tí ẹ máa tọ́ wò yìí kò gbọ́dọ̀ dùn mọ́ yín tán pátá o. Ó yẹ kó le díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, kó sì dùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí ohun méjì ṣì ń bọ̀ tó máa rọ̀ ọ́: omi yìnyín tó máa yọ́ sínú rẹ̀, àti òtútù fúnra rẹ̀. Ohun tútù kì í jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ adùn bó ṣe yẹ. Ẹ rántí míńírà tó tutù nini àti èyí tí oòrùn ti pa. Ṣúgà kan náà ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó gbóná kò ṣeé mu nítorí adùn. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn dídùn rẹ̀ pé ṣánṣán nígbà tí kò tíì tutù máa bá ohun tó kan jù nínú ife.

Yìnyín ni ohun kẹrin

Kò sí nínú orúkọ ìpín, ṣùgbọ́n ó wà nínú ife. Bí ẹ bá mì í dáadáa, omi tó ń yọ́ wọlé lè tó bí ìdajì ohun tí ẹ dà sínú sékà. Mílílítà 110 lè jáde ní nǹkan bí 160. Ọtí tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100 nínú ìgò á wá di nǹkan bí ìdá 15. Omi yìí wúlò. Láìsí i, ọtí á máa jó ọ̀fun, ọsàn á sì máa gé ahọ́n.

Yìnyín ńlá tó gbẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fíríṣà, ni kí ẹ fi kún sékà dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ mì í tagbáratagbára fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15, títí ara sékà onírin á fi tutù débi pé ọwọ́ kò fẹ́ dì í mú mọ́. Ní ilé tí iná ọba ti ń lọ tí ó ń bọ̀, yìnyín máa ń rọ̀, omi á ti wà lára rẹ̀ kó tó dé sékà. Píọ̀ wọ́tà tí wọ́n dì tí a fi ọmọ odó fọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: wẹ́wẹ́ ni, ó ń yọ́ kíákíá. Bí irú rẹ̀ lẹ bá ní, ẹ da omi ara rẹ̀ nù kí ẹ tó kó o sínú sékà, kí ẹ sì mì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 péré. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife tó ti tutù, ẹ má fi yìnyín sínú ife náà.

Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ mu ẹnu kan, ẹ gbé e mì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Kíkan máa ń kọ́kọ́ dé, dídùn á tẹ̀lé e, ọtí ló máa ń kẹ́yìn, nínú ọ̀fun. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá fà, tí itọ́ ń ṣàn, tí eyín fẹ́ máa kan yín, ṣúgà kò tó. Bí ètè bá lẹ̀ mọ́ra wọn, tí ẹ kò sì gbọ́ ọsàn títí ẹ fi gbé e mì, ṣúgà ti pọ̀ jù. Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ìkẹta: kò kan, kò dùn, kò le, ó kàn tẹ́ lẹ́nu. Wọ́n á rò pé ṣúgà ló kù, wọ́n á sì bù ú sí i. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣúgà kò sì lè yọ omi kúrò. Ẹ mu èyí tàbí ẹ dà á nù. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe òmíràn, yìnyín ni kí ẹ tún wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rọ́ọ̀mù 60, ọsàn 30, omi ṣúgà 20. Ẹ mì í, ẹ mu ún: ọsàn ń ké tantan, eyín fẹ́ kan, adùn kàn yọjú lẹ́yìn rẹ̀ ló sì lọ. Ẹ da ṣíbí tíì kan omi ṣúgà sínú ife, ẹ rò ó. Ó ti di 25. Ọsàn ṣì ń síwájú, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ ariwo, òórùn rọ́ọ̀mù sì ti ń jáde fúnra rẹ̀, bí ìrèké tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àmì tí mo máa ń wò nìyẹn: nígbà tí ọ̀rọ̀ kíkan àti dídùn bá ti yanjú, ọtí fúnra rẹ̀ ni ẹnu máa ń gbọ́. Bí ẹ bá tún fi ṣíbí kan sí i tó di 30, òórùn ìrèké yẹn á tún fara pa mọ́, ohun mímu náà á sì dà bí ohun ọmọdé. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá dúró lé sílẹ̀, pẹ̀lú irú ọsàn tí ẹ lò. Ní ọjọ́ mìíràn, láti ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi rọ́ọ̀mù ṣòfò lè kọ́ ahọ́n rẹ̀ láìlo ọtí rárá. Ẹ fi omi tútù 100 sí omi ọsàn 30, ẹ máa fi omi ṣúgà kún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ pé ó tó, kò ní jìnnà sí ibi tí daikírì yín máa dúró sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kó le sí i

Ìgbà yìí nìkan ni a máa fọwọ́ kan omi ọsàn, àti òun àti omi ṣúgà la jọ máa dínkù. Bí 60, 30, 25 bá dọ́gba lẹ́nu yín àmọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ rọ́ọ̀mù sí i, ẹ má bu rọ́ọ̀mù kún un. Ẹ dín àwọn méjì yòókù kù pọ̀: 60, 24, 20. Àdéhùn àárín kíkan àti dídùn kò yí padà, ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe pọ̀ tó níwájú ọtí. Ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ìpò kan àti òmíràn kò ju èyí lọ.

Ní Bàbédọ́ọ̀sì, òwe àwọn tó ń po pọ́ńṣì rọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí tiwa: ọ̀kan kíkan, méjì dídùn, mẹ́ta líle, mẹ́rin ẹ̀rọ̀. Dídùn jẹ́ ìlọ́po méjì kíkan, ẹni tó bá sì gbé e wá sínú daikírì máa mu ṣúgà lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, omi tàbí yìnyín ni. Pọ́ńṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń mu pẹ́ nínú ooru, yìnyín á máa yọ́ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, adùn tó pọ̀ ni kì í jẹ́ kó tẹ́. Ìpín kì í dá dúró, omi tó máa bá a pàdé ni a fi ń yàn án.

Nígbà tí ohun tí ẹ lò bá yàtọ̀

Rọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ nínú àgbá igi ní òórùn fànílà tó máa ń mú kí ẹnu rò pé ó dùn ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ fi ṣíbí tíì kan dín omi ṣúgà kù, kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Oyin dára, ṣùgbọ́n ó ki jù; ẹ fi omi gbígbóná tó pọ̀ tó oyin náà pò ó, adùn rẹ̀ á sún mọ́ ti omi ṣúgà wa. Nínú mágárítà, ọtí dídùn olóòórùn ọsàn ló ń ṣe iṣẹ́ ṣúgà, àmọ́ ṣúgà inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti omi ṣúgà, ọtí líle sì tún wà nínú òun náà. Ìdí nìyẹn tí mágárítà tí a fi méjì, ọ̀kan, ọ̀kan ṣe fi máa ń kan tó sì máa ń le. Ṣíbí tíì kan omi ṣúgà á tún un ṣe.

Ògógóró ńkọ́? Ẹ lè lò ó, bó bá jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ fi sínú ìgò tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sára. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì kò ṣeé fi ṣe ìpín, torí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó. Ó tún ju ọ̀rọ̀ ìpín lọ: ní ọdún 2015, àwọn èèyàn kú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers nítorí mẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú ohun tí wọ́n mu, ahọ́n kì í sì í dá mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ̀ yàtọ̀.

Fún àlejò mẹ́wàá

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá: rọ́ọ̀mù 600, omi ọsàn 300, omi ṣúgà 250. Ẹ kò ní mì í lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín da omi tí yìnyín ì bá fún un sí i. Ẹ fi 400 omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ lè gbé e dé 500. Rọ́ọ̀mù, omi àti omi ṣúgà lè wà pọ̀ nínú fíríìjì láti àná. Omi ọsàn ni kí ẹ dá dúró, kí ẹ fún un ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dà á pọ̀ nígbà tó bá ku wákàtí kan tàbí méjì kí àlejò dé. Ẹ kó ìgò náà sínú fíríṣà fún ìgbà díẹ̀ kó tutù dáadáa, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó bù ú. Ìṣirò kan ṣì kù tí ẹ lè sọ fún àwọn tó máa wa ọkọ̀ lọ sílé: ife kọ̀ọ̀kan ní mílílítà 60 ọtí líle nínú, bó ti wù kí ọsàn bò ó tó.